Bí káséètì Bàbá ṣe dé inú Spotify ẹ̀gbọ́n mi

Páálí bàtà kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi ní Ìtìrẹ. Káséètì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Àpàlà ni mẹ́ta, wákà ni méjì. Mẹ́rin tó kù kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni rà lọ́jà: ẹbí ló gbà á sílẹ̀ níbi ìnáwó, pàápàá níbi ìsìnkú ìyá bàbá mi lọ́dún 1994, níbi tí onílù kan ti kì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsinmi. Lọ́dún 2009, ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Láwánsọ́n bá wa gbé gbogbo rẹ̀ sórí síìdì. Ọdún yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù láràárọ̀, pè mí pé òun fẹ́ kí n kó o sínú Spotify òun.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n kàn dà á sórí fóònù yín, kí ẹ máa fi áàpù tó ń kọ orin níbẹ̀ gbọ́ ọ."

Wọ́n ní rárá. Àárín àwọn orin tí wọ́n ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó wà. Wọn ò fẹ́ máa ti inú áàpù kan bọ́ sínú òmíràn nínú bọ́ọ̀sì.

Ó ṣeé ṣe. Ìgbà méjì ni mo ṣe é, nítorí mo ṣe é kọsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Bí mo ṣe ṣe ìkejì ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Spotify kì í gbé fáìlì yín lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà yín ni orin náà wà, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ohun tí Spotify ń ṣe ni pé ó ń wo inú fódà tí ẹ bá fi hàn án, ó ka orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ yẹn sínú àkójọ orin yín, ohun tí Spotify ń pè ní `Playlist`. Tí fóònù bá fẹ́ gba orin ọ̀hún, ọwọ́ kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni yóò ti gbà á, nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà lórí Wáì-Fáì kan náà. YouTube Music kò rí bẹ́ẹ̀. Òun máa ń gba fáìlì lọ́wọ́ yín, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, orin tó lè gbà lọ́wọ́ ẹnì kan sì tó 100,000. Ẹni tí Spotify kì í bá ṣe dandan fún lè gba ibẹ̀ lọ. Àmọ́ gígbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì sókè máa ń jẹ dátà, ti Spotify yìí kì í jẹ ẹ́, nítorí inú ilé ni fáìlì ti ń rìn.

Orúkọ tí Spotify ń kọ sílẹ̀ wá ń kọ́? Ó ní bó ṣe ń kọ ọ́. Tí mo bá ní orin kan tí mo pe olórin rẹ̀ ní Iya Agba, tí mo pe àwo rẹ̀ ní Isinku 1994, tí orin fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Apa Kinni, tí ó sì gùn tó ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 42, báyìí ló máa rí nínú ìwé Spotify:

```
spotify:local:Iya+Agba:Isinku+1994:Apa+Kinni:1782
```

Olórin, àwo, àkọlé, gígùn. 1782 yẹn ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú orin náà. Ẹ ò rí orúkọ fódà níbẹ̀, ẹ ò sì rí orúkọ fáìlì. Nǹkan mẹ́rin yìí ni Spotify fi ń dá orin mọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti fi orin sínú àkójọ, àkójọ á máa wá ẹni tí kò sí nílé mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Orin 46 ni mo fà sínú àkójọ, ìdajì wọn ń jẹ́ Track 01, Track 02. Mo ní n óò tún orúkọ wọn ṣe tó bá yá. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, gbogbo 46 di eérú: àkọlé wọn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn ti ṣú, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní kọ. Mo pa gbogbo àkójọ náà rẹ́, mo sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ṣáájú nínú ìlànà yìí, tí Spotify fi wà lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fódà kan ṣoṣo, MP3 nìkan

Ẹ ṣí fódà kan lábẹ́ `Music` lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì kó gbogbo orin náà síbẹ̀. Tèmi ń jẹ́ `Kaseeti Baba`. Ẹ má fi sórí fíláàṣì tàbí họ́ọ̀dù tí ẹ máa ń yọ, torí ní ọjọ́ tí kò bá sí lára kọ̀ǹpútà, orin á ṣókùnkùn bíi tèmi yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú fáìlì tí wọ́n jẹ́. Ẹ tẹ `View` lókè fódà, ẹ tẹ `Show`, kí ẹ sì fi àmì sí `File name extensions`, kí lẹ́tà ìparí orúkọ lè hàn. MP3 ni Spotify gbà láìjiyàn. Fáìlì Apple tó ń parí sí `.m4a`, tó jẹ́ irú èyí tí kò gé ohùn kankan kúrò, kò gbà á. Èmi kò bá ti Apple pàdé. Ohun tí mo bá ni `.wma`, torí Windows Media Player àtijọ́ ló fi ń kó síìdì sílẹ̀, òun sì ni ọmọkùnrin Láwánsọ́n lò. Spotify kò tilẹ̀ rí wọn. Kì í sọ pé òun ò gbà á. Á kàn ṣe bí ẹni pé fáìlì kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé fódà yín ní orin 46, tí Spotify sì ń fi 20 hàn, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni lẹ́tà ìparí orúkọ àwọn 26 tó kù.

Ohun èlò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ FFmpeg ló ń yí i padà. Lórí Windows, ẹ tẹ `winget install Gyan.FFmpeg` sínú `Command Prompt` lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pa fèrèsé yẹn dé. Ẹ wá ṣí fódà orin yín, ẹ tẹ ojú ibi tí àdírẹ́sì fódà wà lókè, ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ kọ `cmd`, ẹ sì tẹ Enter. Fèrèsé dúdú kan á ṣí sínú fódà yẹn gan-an. Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

```
for %f in (*.wma) do ffmpeg -i "%f" -b:a 192k -id3v2_version 3 "%~nf.mp3"
```

Á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn `.wma` àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀, ẹ kó wọn lọ sí fódà mìíràn lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú èyí tuntun láti òpin dé òpin.

Ẹ má ṣe yọ `192k` yẹn. Ó ń mú kí orin máa jẹ iye kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irú MP3 kan wà tí iye tó ń jẹ máa ń lọ sókè sódò, tí àwọn áàpù kan sì máa ń ka gígùn rẹ̀ sí òdì. Ẹ sì rántí pé gígùn wà lára nǹkan mẹ́rin tí Spotify fi ń dá orin mọ̀. Ó tún jẹ́ kí ìṣirò rọrùn: orin ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1.44. Káséètì mẹ́sàn-án, wákàtí kọ̀ọ̀kan, jẹ́ ìṣẹ́jú 540, nítorí náà gbogbo páálí bàtà Bàbá kò tó mẹ́gábáìtì 800. Káséètì àtijọ́ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ lo 320 fún ohùn tó ti ń ṣe ṣìì-ṣìì láti 1994 kàn ń fi àyè fóònù yín ṣòfò ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ inú

Fáìlì orin ní orúkọ méjì. Orúkọ ìta ni èyí tí ẹ rí nínú fódà. Orúkọ inú wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀: olórin, àkọlé, àwo, ọdún. Ó dà bí ọmọ tí àdúgbò ń pè ní Bọ́bọ, tí ìwé ìkómọjáde ń pè ní nǹkan mìíràn. Ìwé ìkómọjáde ni Spotify ń kà. Ẹ lè yí orúkọ ìta padà láàárọ̀ lálẹ́, kò kàn án.

Mp3tag ni mo fi ń tún un ṣe, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows. Ẹ fa fódà yín sínú rẹ̀, gbogbo orin á tò sílẹ̀, àwọn àyè tí a ń kọ nǹkan sí á sì wà lápá òsì: `Title`, `Artist`, `Album`, `Year`, `Track`. Ẹ yan gbogbo orin káséètì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ olórin, àwo àti ọdún, ẹ tẹ Ctrl+S. Gbogbo wọn á gbà á papọ̀. Àkọlé nìkan ni ẹ máa kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí orúkọ ìta bá ti ní àkọlé nínú tẹ́lẹ̀, bíi `03 - Oriki.mp3`, ẹ lọ sí `Convert`, ẹ yan `Filename - Tag`, ẹ sì fún un ní àpẹẹrẹ yìí:

```
%track% - %title%
```

Níbi orin ìnáwó tí kò ní olórin kan pàtó, mo fi orúkọ ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan fún sí àyè `Artist`. Ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófo. Àìní orúkọ á mú kí orin tó yẹ kó wà papọ̀ fọ́nká, ẹ ò sì ní rí nǹkan tí ẹ ó tẹ nígbà tí ẹ bá ń wá a.

Àmì ohùn wá ń kọ́? Níbí ni èdè wa ti ní ìyọnu tirẹ̀. Lẹ́tà bíi ọ́, tó ní àmì lókè àti lábẹ́, kò ní àyè tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Kíbọ́ọ̀dù kan máa ń kọ ọ kó tó fi àmì òkè lé e. Òmíràn máa ń kọ ó kó tó fi ẹ̀gún sí ìdí rẹ̀. Lójú ènìyàn, ìkan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ni. Ìyẹn ló mú kí "Ọmọ́" tí mo kọ lórí fóònù àti "Ọmọ́" tí mo kọ lórí láptọ́ọ̀pù di olórin méjì nínú àkójọ mi, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ń bi mí pé kí ló dé tí ìdajì àwo fi sọnù. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ẹ lè kọ orúkọ láìfi àmì sí i, bí mo ṣe ṣe nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn. Ẹni tí ìyẹn bá dùn, bó ṣe dùn mí díẹ̀, kí ó kọ orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, kí ó dà á kọ láti ibẹ̀ sí gbogbo ibi tó kù. Ẹ má tún un tẹ̀.

Tí ẹ bá lo àmì, ẹ wo `Options` nínú Mp3tag, lábẹ́ `Tags` àti `Mpeg`, kí ẹ rí i pé `ID3v2.3 UTF-16` ló wà níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ `ISO-8859-1`, ẹ̀gún abẹ́ lẹ́tà á di àmì ìbéèrè.

Ẹ gbọ́ orin, ẹ wo orúkọ, ẹ pe àgbà tó mọ̀ ọ́n bó bá yẹ. Bàbá mi ló sọ fún mi pé káséètì tí mo kọ "wákà" sí kì í ṣe wákà, pé sákárà ni. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá tó yín lọ́rùn ni kí ẹ tó lọ sí èyí tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fi fódà han Spotify

Áàpù Spotify ti orí kọ̀ǹpútà ni a nílò. Èyí tó ń ṣí nínú búráósà kò lè wo inú fódà yín. Ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wá `Show Local Files`, ẹ tan án. Àwọn fódà tí Spotify ń wò á jáde lábẹ́ rẹ̀, `Downloads` máa ń wà níbẹ̀. Mo máa ń pa `Downloads` láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí gbogbo ohùn tí àwọn ẹbí fi ránṣẹ́ sí yín tí ẹ sì gbà sílẹ̀ ló máa rọ́ wọlé, àdúrà òwúrọ̀ àti ìkéde ìpàdé lánlọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Ẹ tẹ `Add a source`, ẹ yan fódà yín.

Ẹ padà sí `Your Library`. `Local Files` á ti wà níbẹ̀, orin yín á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ka iye wọn. Tí ó bá pé, ẹ ṣí àkójọ tuntun, ẹ fún un ní orúkọ, ẹ yan gbogbo orin náà, ẹ fà wọ́n sínú rẹ̀. Dandan ni àkójọ yìí, torí `Local Files` fúnra rẹ̀ kì í tẹ̀ lé yín lọ sórí fóònù. Àkójọ ló ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ó di orí fóònù

Spotify tí a ń sanwó fún, ìyẹn Premium, ni ẹ máa nílò níbí, nítorí dídànlóòdù àkójọ sórí fóònù kò sí nínú ti ọ̀fẹ́. Orúkọ kan náà ni kí ẹ fi wọlé lórí méjèèjì. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi wọlé sórí láptọ́ọ̀pù mi; tèmi kò lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Wáì-Fáì, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń há sí ní Èkó, nítorí púpọ̀ nínú wa kò ní ráútà nílé. Ohun tí a nílò ni kí kọ̀ǹpútà àti fóònù máa rí ara wọn. Wáì-Fáì ọ́fíìsì tàbí ti hòtẹ́ẹ̀lì kì í sábà gbà kí ẹ̀rọ méjì rí ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbìyànjú rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Yábà, mo kàn jókòó lásán ni. Máì-Fáì kékeré ilé ló ṣe é fún mi. Tí ẹ ò bá ní, ẹ tan họ́tísípọ́ọ̀tì lórí fóònù kẹta, kí ẹ so kọ̀ǹpútà àti fóònù tó fẹ́ gba orin mọ́ ọn. Orin kò ní jẹ dátà fóònù kẹta yẹn, torí láàárín ilé ló ń rìn; ìwọ̀nba tí Spotify fi ń wọlé ni á jẹ.

Lórí Windows, ẹ wo ibi tí a ti ń tún Wáì-Fáì ṣe, kí ẹ rí i pé `Private network` ni ẹ yàn fún ìsopọ̀ yìí. Tí ó bá jẹ́ `Public network`, Windows á fi kọ̀ǹpútà pamọ́, fóònù kò ní rí i. Ẹ tún wá `Allow an app through Windows Firewall`, kí ẹ fi àmì sí Spotify lábẹ́ `Private`. Èyí gan-an ló dá mi dúró fún ìdajì wákàtí, tí mo sì ti fẹ́ máa dá NẸ́PÀ lẹ́bi.

Kí Spotify wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà má sùn. Lórí fóònù, ẹ lọ sí sẹ́tíǹgì Spotify, ẹ wá `Local Files`, ẹ tan `Show audio files from this device`. Ibi tí wọ́n ń to bọ́tìnnì yìí sí máa ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ẹ fara balẹ̀ wá a. iPhone á béèrè bóyá kí Spotify wá àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí Wáì-Fáì yín. Ẹ gbà fún un. Tí ẹ bá ti kọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí `Privacy & Security` nínú sẹ́tíǹgì fóònù, ẹ wọ `Local Network`, kí ẹ tan Spotify níbẹ̀.

Ẹ wá ṣí àkójọ náà, ẹ tẹ ọfà tó kọ orí sísàlẹ̀. Orin kọ̀ọ̀kan tó bá ti dé á ní àmì kékeré aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọfà ńlá òkè náà á sì di àwọ̀ ewé nígbà tí gbogbo wọn bá pé. Ẹ má pa fóònù dé kí ẹ sọ ọ́ sínú àpò láàárín kan. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà ní títàn títí á fi parí.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín dán an wò: ẹ pa Wáì-Fáì, ẹ pa dátà, ẹ pa kọ̀ǹpútà dé, kí ẹ wá fọwọ́ kan orin tó wà ní àárín àkójọ àti èyí tó gbẹ̀yìn. Èyí àkọ́kọ́ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Tí ó bá kọ̀

Ẹ wo ibi tí orin ti ṣókùnkùn. Tí ó bá ṣókùnkùn lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ fóònù kọ́ nìyẹn: orúkọ inú ti yí padà, tàbí fáìlì ti kúrò nínú fódà. Ẹ yọ ọ́ nínú àkójọ, ẹ tún un fà láti `Local Files`. Tí ó bá ń kọ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, tí orí fóònù nìkan ló ti ṣú, àwọn méjèèjì kò rí ara wọn. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ `Private network` àti Wáì-Fáì, kí ẹ pa Spotify lórí méjèèjì, kí ẹ tún un ṣí, ti kọ̀ǹpútà kó ṣáájú. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn kan dé tí àwọn kan kò dé, ẹ wo àyè tó kù lórí fóònù, kí ẹ sì tún wo irú fáìlì wọn.

Tí Wáì-Fáì bá kọ̀ pátápátá, ẹni tó ní Android ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ da fódà náà sínú `Music` lórí fóònù, kí ẹ wá tan `Show audio files from this device`, kí ẹ sì gbà nígbà tí Android bá béèrè bóyá kí Spotify rí orin yín. `Local Files` á jáde lórí fóònù fúnra rẹ̀, ẹ lè ti ibẹ̀ fi orin sínú àkójọ. Ìtìjú kọ́ ni láti gba ibẹ̀. Ká ní Android ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò ni, ibẹ̀ ni mi ò bá kọ́kọ́ gbà.

Nǹkan méjì tó kù ni mo sọ fún wọn kí wọ́n tó gba fóònù lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí Spotify rí íńtánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, torí ìwọ̀n ìgbà tó ń fi ohun tí a dànlóòdù sílẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n má sì yọ áàpù náà kúrò kí wọ́n tún un fi sí i láìjẹ́ pé láptọ́ọ̀pù mi wà nítòsí, torí fáìlì kò sí lọ́dọ̀ Spotify tó lè fún wọn ní òmíràn.

Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pè mí láti inú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí àbúrò wa ní Ìbàdàn, ó rí orúkọ gbogbo orin, kò sì rí ọ̀kan gbọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ ni Spotify lè gbé dé Ìbàdàn, pé orin wà nínú láptọ́ọ̀pù ní Ìtìrẹ. Mo da fódà náà sórí fíláàṣì, mo fi rán bàbá mi tó ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.